Bí a ṣe lè tún abala ìbáwí inú ìwé òfin ẹgbẹ́ àgbẹ̀ òwú kọ

Ẹ ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́ yín, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìbáwí ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ abúlé tí a ti bá wọn kà á, ohun tí ó wà níbẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: «Ẹnikẹ́ni tí ó bá dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, tàbí tí ó bá ba ẹgbẹ́ lórúkọ jẹ́, ìgbìmọ̀ yóò fi ìyà tí ó tọ́ jẹ ẹ́, wọ́n sì lè lé e kúrò nínú ẹgbẹ́.» Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Mo mọ ibi tí ó ti wá. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, «fóòtì gíráàfù» ni wọ́n pè é, àwa tí a ń túmọ̀ sì sọ ọ́ di «ẹ̀ṣẹ̀ ńlá». Èmi náà ti túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, èwo ni kékeré? Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lójú akápò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lójú ẹni tí ó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan, kí a sì tẹ̀ lé e dé òpin. Ká ní ọkùnrin kan forúkọ hẹ́kítà 3 sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá ń fún hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan ní àpò ajílẹ̀ NPK 4 àti àpò yúríà 1, àpò 15 ni yóò gbà ní àwìn. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ wá yí oko ká, hẹ́kítà 1 péré ni wọ́n bá. Àpò 5 ló lọ sínú oko yẹn. Àpò 10 tó kù, ó ti tà wọ́n lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú. Inú bí àwọn ìgbìmọ̀. Wọ́n pàdé lálẹ́, wọn kò pè é, wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́, wọ́n sì ní kí ó san 100,000 fáráńkì owó ìtanràn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọkùnrin náà béèrè pé, «Níbo ni ẹ kọ ọ́ sí pé títa ajílẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá? Ṣé ọmọ ààrẹ kò ta tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni?» Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Kò san owó ìtanràn, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé 100,000 ni, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà gbà á. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí ìkórè dé, kò wọn òwú rẹ̀ ní abúlé mọ́. Wọ́n ṣáà ti lé e. Ó gbé e lọ bá àna rẹ̀ ní abúlé kejì, wọ́n sì wọ̀n ọ́n lórúkọ àna rẹ̀. Gbèsè 260,000 fáráńkì tí ó jẹ lórí ajílẹ̀ àti oògùn wá ṣubú lé àwọn ìyókù lórí. Níbi tí ẹ bá ti jọ dúró fún gbèsè ara yín, tí ẹ sì jẹ́ 40, 6,500 fáráńkì ni wọ́n máa yọ lára owó òwú ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan opó tí kò ní ju ìdajì hẹ́kítà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dì mú nìyí: ẹ má ṣe lé ajigbèsè kí ó tó san gbèsè. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, tí òwú rẹ̀ ń gba orí òṣùwọ̀n yín kọjá, ẹ ní ibi tí ẹ lè dì mú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lé e, ẹ ti já okùn náà fúnra yín.

Èkejì ni pé gbèsè lọ́tọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí òjò kọ̀ fún, tàbí tí kòkòrò jẹ òwú rẹ̀ tán, jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ètò bí yóò ṣe san án díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ bá a ṣe. Kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ wọ abala ìbáwí rárá. Ẹni tí ó ta ajílẹ̀ àwìn ni ó ṣẹ̀, ìbáà tilẹ̀ san gbèsè rẹ̀ tán. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan, aláìní ni yóò máa jìyà, alágbára yóò sì máa fi owó ra ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ abala tuntun, ẹ má kọ irú ènìyàn tí ẹ kò fẹ́. Ohun tí ọwọ́ ṣe, tí ojú rí, tí a sì lè fi ẹ̀rí gbè ni kí ẹ kọ. «Ìwà àìdáa» kò ní ẹ̀rí. «Ó ta àpò ajílẹ̀» ní ẹ̀rí: ìwé tí ó tẹ̀ka sí nígbà tí ó gbà á wà, ìwé ìwọn oko rẹ̀ wà, ẹni tí ó rà á sì lè wà. Ẹ má sì kọ ohun tí ẹ kò ní lè fi bá ọmọ tiyín wí. Mo rí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ pé ẹni tí ó bá fi ajílẹ̀ òwú sí oko àgbàdo yóò san ìtanràn. Mo ní kí ẹni tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí nàwọ́ sókè. Ọwọ́ méjì péré ló jáde, ọ̀kan nínú wọn kò sì gbin àgbàdo. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹni tí ìgbìmọ̀ kò fẹ́ràn nìkan ni wọn yóò máa mú. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ àgbàdo lọ sí ìpàdé ẹ̀kọ́ oko, níbi tó yẹ ẹ́.

Abala tí a jọ kọ fún ọ̀ràn ajílẹ̀ nìyí. Ẹ lè yí iye owó àti iye ọjọ́ padà kí ó bá ti abúlé yín mu.

«Ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ta ajílẹ̀ tàbí oògùn tí ó gbà ní àwìn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún oko òwú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọn òwú rẹ̀ lórúkọ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbà kí ẹlòmíràn wọn òwú lórúkọ òun.

Bí ẹ̀sùn bá wà, akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sọ ohun tí wọ́n ní ó ṣe, ọjọ́ tí ó ṣe é, àti ẹ̀rí tí ó wà. Wọn yóò fún un ní ìwé náà ní ọjọ́ 10 kí wọ́n tó jókòó. Bí kò bá mọ̀wé, ẹni tí ó yàn fúnra rẹ̀ ni yóò kà á fún un.

Ìgbìmọ̀ yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀ àti ti ẹlẹ́rìí rẹ̀ kí wọ́n tó pinnu. Ìbátan rẹ̀, ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án, àti ẹni tí ìjà wà láàárín wọn kò gbọdọ̀ jókòó dá ẹjọ́ náà. Bí a bá pè é lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì wá láìní ìdí, wọ́n lè dá a láìsí níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ̀bi, yóò san 5,000 fáráńkì lórí àpò kọ̀ọ̀kan tí ó tà, àti ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ajílẹ̀ oko tí a ti wọ̀n lójú rẹ̀ nìkan ni yóò gbà. Gbèsè ni a ó kọ́kọ́ yọ lára owó òwú rẹ̀. Owó ìtanràn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí ó bá ṣẹ́kù fún un lọ́dún kan. Ìyókù di ọdún tí ń bọ̀.

Ó lè pe ẹjọ́ náà sí ìpàdé gbogboogbò láàárín ọjọ́ 30. Ìpàdé gbogboogbò nìkan ni ó lè lé ọmọ ẹgbẹ́, kò sì ní lé e kí ó tó san gbèsè ẹgbẹ́ tán.»

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ọ̀ràn kan dán an wò kí ẹ tó dìbò. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọkùnrin wa ìṣáájú padà wá. Àpò 10 ni ó tà, nítorí náà ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 50,000 fáráńkì. Ó ṣì wà nínú ẹgbẹ́, ó wọn òwú rẹ̀ ní abúlé, ó sì mú 320,000 wá. A yọ gbèsè 260,000, ó ku 60,000. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 15,000. Ìyẹn ni a lè gbà lọ́dún yìí, 35,000 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Òun mú 45,000 lọ sílé. Àwọn 40 yòókù kò san kọ́bọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan á ní 15,000 ti kéré jù. Bí a bá gba gbogbo 60,000 lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò fi kó òwú wá sórí òṣùwọ̀n yín lọ́dún tí ń bọ̀?

Ọ̀rọ̀ yíyọ owó yìí kò ní múlẹ̀ bí ẹ kò bá ní ìwé tí ó fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ajílẹ̀ ni kí ẹ ti fi ìlà kan kún ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ ń tẹ̀ka sí, pé òun gbà kí wọ́n yọ gbèsè àti ìtanràn tí a bá dá fún òun lábẹ́ abala yìí lára owó òwú òun. Ẹ kà á sókè fún un kí ó tó tẹ̀ka. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ìjà dé, kò ní tẹ̀ka mọ́.

Ibì kan wà tí agbára ẹgbẹ́ parí sí. Ẹgbẹ́ kò lè ti ènìyàn mọ́lé, kò lè gba alùpùpù rẹ̀, kò sì lè fa ewúrẹ́ rẹ̀ lọ nítorí ìtanràn. Bí ẹ bá ṣe é, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá yóò wá bá. Bí ó bá jẹ́ olè ni, bí àpẹẹrẹ tí ẹnìkan fọ́ ilé ìpamọ́ ajílẹ̀, ẹ má jókòó dá a. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ni.

Ó ku ibi tí ẹ ó kọ ọ́ sí. Òfin OHADA lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2010, tó sì kan Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ní kí ẹgbẹ́ ní ìwé méjì: ìwé òfin ẹgbẹ́, àti ìwé ìlànà inú ilé. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí ó lè dá ẹjọ́, àti ẹ̀tọ́ ọmọ ẹgbẹ́ láti sọ tẹnu rẹ̀, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé òfin. Iye owó bíi 5,000 àti iye ọjọ́, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé ìlànà, kí ó lè rọrùn láti yí wọn padà bí ìgbà bá yí. Ìpàdé gbogboogbò ni kí ó dìbò lé méjèèjì, pẹ̀lú iye ìbò tí ìwé òfin yín ti sọ. Ẹ wá mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì tí ẹ ti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ka abala náà sókè ní èdè abúlé lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pín ajílẹ̀. Ohun tí ẹnìkan ti ṣe kí ẹ tó dìbò kò sí lábẹ́ abala tuntun yìí.