Bí Ọ̀gá Ibi Iṣẹ́ Bá Tún Jẹ́ Àǹtí Wa

Ká sọ pé olùkọ́bìnrin kan wà ní ilé-ìwé girama ìjọba kan ní Ìbàdàn. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé náà kì í ṣe àjèjì sí i rárá. Agbo ilé kan náà ni wọ́n ti wá, "Àǹtí" ló sì ń pè é láti kékeré. Ìyá ọkọ olùkọ́ yìí kú, ó sì fẹ́ gba àyè ọjọ́ mẹ́ta lọ síbi ìsìnkú. Bó ṣe mú bírò, kí ni kó kọ sókè ìwé: "Àǹtí mi" ni àbí "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n"?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń wo bí a ṣe sún mọ́ ẹni náà tó kí a tó pinnu. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé náà ń lọ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Lẹ́tà ìgbàyè kì í dúró lọ́wọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Igbákejì ọ̀gá yóò kọ èrò tirẹ̀ sí i lára, ọ̀gá àgbà yóò fọwọ́ sí i, akọ̀wé yóò sì kì í bọ inú fáìlì. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá délẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí lè ṣí fáìlì náà. Bó bá bá "Àǹtí mi dáadáa, àwọn ọmọ ńkọ́?" níbẹ̀, ohun tí yóò rò ni pé ẹbí ló ń fún ẹbí láyè. Àǹtí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà yóò sì kó bá.

Nítorí náà, lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni kó kọ. Àdírẹ́sì tirẹ̀ àti déètì yóò wà lápá ọ̀tún lókè; ipò àti àdírẹ́sì ẹni tó ń kọ ọ́ sí yóò wà lápá òsì. Lẹ́yìn ìkíni ni àkọlé, kó tó wá kan ọ̀rọ̀ gan-an:

*Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n,*

*Ìtọrọ Àyè Ọjọ́ Mẹ́ta*

*Mo ń tọrọ àyè láti ọjọ́ Ọjọ́rú sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n lè lọ síbi ìsìnkú ìyá ọkọ mi. Olùkọ́ tí a jọ ń kọ́ Yorùbá ti gbà láti bá mi mójú tó kíláàsì mi.*

*Èmi ni tiyín ní tòótọ́,*

Ìbuwọ́lùwé, orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti ipò rẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e. Kò sí ìkíni ẹbí níbẹ̀, kò sì sí àrífín. Bó bá ń bẹ̀rù pé Àǹtí yóò rò pé òun ń ṣe bí àjèjì, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́tọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, Àǹtí. Mo ti fi lẹ́tà àyè mi sórí tábìlì yín. Ẹ bá mi wò ó." Lẹ́tà jẹ́ ti iléeṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ jẹ́ ti àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ ti iṣẹ́, àmọ́ tí kò ní kúrò láàárín wọn. Ká ní olùkọ́ yìí fẹ́ kí Àǹtí bá òun yẹ ìwé ètò ẹ̀kọ́ òun wò kí àwọn alábẹ̀wò tó dé. Bó bá kó àdírẹ́sì méjì àti àkọlé jọ nítorí èyí, Àǹtí lè máa bi ara rẹ̀ pé kí lòun ṣe fún un. Agbede méjì ló yẹ níbí:

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ ètò ẹ̀kọ́ kíláàsì kejì wò kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Apá àròkọ ni kò dá mi lójú. Ẹ ṣeun, mà.*

Orúkọ ẹbí wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìkíni kò gùn, ohun tó ń fẹ́ àti ọjọ́ tó ń fẹ́ ẹ sì hàn kedere. Bí owó àjọ tàbí ọ̀rọ̀ ilé bá wà láti sọ, kó kọ ọ́ lọ́tọ̀, nítorí Àǹtí lè fẹ́ fi iṣẹ́ náà han olùkọ́ mìíràn.

Àwọn kan wà tí ẹgbẹ́ wọn ló di ọ̀gá wọn. "O" ni wọ́n ń bá ara wọn sọ nílé, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Nínú lẹ́tà tó ń lọ sí fáìlì, "ẹ" ni kí wọ́n lò, nítorí ipò ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí ìwé náà bá sì jẹ́ ti àárín àwọn méjèèjì nìkan, "o" lè dúró.

Bí a kò bá mọ ẹni tí yóò rí ìwé ọ̀hún, ká fi àìgbẹ̀fẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ká wá wo èsì. Bí ọ̀gá bá fi "Àbúrò mi" dáhùn, ó ti yọ̀ǹda fún wa láti rọ ohùn wa nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí àwa la bá kọ́kọ́ kọ "Àǹtí mi" tí èsì sì wá pẹ̀lú ipò àti àkọlé, àtúnṣe ló ń ṣe fún wa yẹn.