Ata Wà Nínú Àpótí, Kọ̀ǹpútà Kò Rí I

Ata ló kọ́kọ́ sọnù. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan ní èdè C fún àǹtí mi tó ń ta oúnjẹ, kí wọ́n lè máa tẹ orúkọ ọjà, kí iye rẹ̀ sì jáde. Ata, epo, iyọ̀, iṣu, ẹja àti gàrí la kọ́kọ́ kọ sí i, gbogbo wọn sì ń jáde geerege. Ìgbà tí a fi ẹ̀wà kún un ni nǹkan yí padà. Àǹtí tẹ ata, ẹ̀rọ ní kò sí irú ọjà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ epo, epo jáde. Wọ́n tẹ iyọ̀, kò sí. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Àbí ẹ̀wà tó o fi sí i ló gbé wọn mì ni?"

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ata yẹ kó wà. Bí a bá to orúkọ ọjà lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni to àwo, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan látòkè délẹ̀. Tábìlì háàṣì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, nọ́ńbà náà ló sì ń tọ́ka àpótí tí ọjà ń gbé. Ìṣirò tí mo lò wà nínú ìwé tí Brian Kernighan àti Dennis Ritchie kọ lórí èdè C, ẹ̀dà kejì tó jáde ní 1988: sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ di ìlọ́po 31, kí o fi nọ́ńbà lẹ́tà tó kàn kún un. Nínú kọ̀ǹpútà, 97 ni a, 116 sì ni t. Nítorí náà, ata bẹ̀rẹ̀ láti 97, ó di 3123, ó sì parí sí 96910. Àpótí mẹ́jọ ni mo ní, láti 0 dé 7. Mo pín 96910 sí 8, ó ṣẹ́ ku 6. Inú àpótí 6 ni ata wọ̀. Ẹni tó bá ń wá a yóò ṣe ìṣirò kan náà, yóò sì lọ síbẹ̀ tààrà.

Ọjà méjì lè bára wọn nínú àpótí kan. Epo jẹ́ 100644, ẹja jẹ́ 100444, méjèèjì sì ṣẹ́ ku 4. Ohun tí a ń ṣe ni pé a so wọ́n pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n: àpótí ń tọ́ka sí ẹni tó dé kẹ́yìn, òun náà ń tọ́ka sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀, títí a ó fi kan `NULL`, ìyẹn òpin. Nínú àpótí 4, ẹja ló wà níwájú, epo sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ̀wọ̀n bá gùn jù, a ti padà sídìí àwo títò nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọjà nínú àpótí mẹ́jọ, ẹgbẹ̀rún kan ni yóò wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé bí ọjà bá ti tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye àpótí, kí àpótí di ìlọ́po méjì kí ọjà tuntun tó wọlé. Tábìlì inú ìwé yẹn kì í fẹ̀ ní tirẹ̀, àpótí 101 ló ní títí láé, nítorí náà èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ apá yìí:

```c
for (size_t i = 0; i < t->n; i++)
    titun[i] = t->apoti[i];
```

Ọjà mẹ́fà ti wà nílẹ̀, ẹ̀wà ni ìkeje, àpótí bá di 16. Mo gbé ohun tó wà nínú àpótí 6 àtijọ́ sínú àpótí 6 tuntun, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo gbàgbé pé 16 ni ẹni tó ń wá ọjà yóò máa fi pín báyìí. Nínú 96910, 16 ṣẹ́ 14 kù. Ata jókòó sínú 6, ẹ̀rọ ń kanlẹ̀kùn ní 14, kò bá ẹnì kankan ńlé. Iyọ̀ yẹ kó kúrò ní 7 lọ sí 15, iṣu láti 3 sí 11, ẹja láti 4 sí 12. Epo nìkan àti gàrí ló bọ́ nínú rẹ̀, torí pé bí a bá fi 8 pín wọn tàbí 16, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣẹ́ kù: 4 àti 1.

Àmì àrùn yìí gan-an nìyẹn. Bí 8 bá di 16, àṣẹ́kù ọjà kan kò ní ju méjì lọ: ó dúró síbi tó wà, tàbí ó fi 8 lé e. Bí ọjà bá pọ̀, nǹkan bí ìdajì ni yóò sọnù, ìdajì yóò sì máa jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ọjà tó bá wọlé lẹ́yìn fífẹ̀, bí ẹ̀wà, kò ní ìṣòro kankan.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé mo ka ọjà, méje pé. Mo tẹ gbogbo àpótí jáde, ata wà níbẹ̀, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Mo bá dẹ́bi fún `strcmp`, mo tún fura sí àmì ohùn. Ìfura kejì yìí ní ìdí: a lè tẹ ọ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, a sì lè tẹ o kí a fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Báìtì mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n báìtì wọn kò bára mu, àpótí wọn kò sì ní bára mu. Ṣùgbọ́n irú èyí ì bá ti hàn kí tábìlì tó fẹ̀, mo sì ti kọ gbogbo orúkọ láìfi àmì sí i. Níbi tí mo ti ń ronú, àǹtí ti tún ata tẹ̀ wọlé. Ó jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ata ti di méjì, ọ̀kan pẹ̀lú iye àtijọ́.

Ìlà méjì ló tú àṣírí. Bí mo ṣe ń rìn láti àpótí `i` kan sí òmíràn, mo tún ìṣirò ọjà kọ̀ọ̀kan ṣe:

```c
if (hash(e->oruko) % t->n != i)
    printf("%s: %zu\n", e->oruko, i);
```

Isu: 3, eja: 4, ata: 6, iyo: 7. Àwọn mẹ́rin tó sọnù gan-an ló jáde. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a tú ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí a sì wá ilé tuntun fún ọjà kọ̀ọ̀kan:

```c
while (e) {
    Eyo *tele = e->tele;
    size_t j = hash(e->oruko) % n2;
    e->tele = titun[j];
    titun[j] = e;
    e = tele;
}
```

Ẹ má fojú kéré ìlà tó di `tele` mú. Bí a kò bá kọ́kọ́ fi ẹni tó kàn pamọ́, ẹja yóò lọ sí 12, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí `NULL`, epo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní lólùwá mọ́. Àmì tirẹ̀ yàtọ̀: iye ọjà ní méje, ṣùgbọ́n mẹ́fà péré ni a ó rí bí a bá tẹ gbogbo àpótí jáde, àwọn tó wà níwájú ẹ̀wọ̀n nìkan ló sì máa ń yè.

Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ, a sì ń kó ọjà sí i títí èlùbọ́ fi jẹ́ ìkẹtàlá, àpótí bá di 32. Lọ́tẹ̀ yìí, ata kò kúrò ní 14. Gàrí tó mórí bọ́ lọ́jọ́sí ló yẹ kó kó láti 1 lọ sí 17. Òun ni mo ní kí àǹtí kọ́kọ́ tẹ̀. Iye rẹ̀ jáde.