Ṣé o mọ̀ pé orúkọ géèmù kì í ṣe ẹ̀rí?

Ní Kétu, bí dátà bá wọ́n, ọ̀rẹ́ a máa fi fáìlì .apk ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Orúkọ fáìlì náà lè tan ni jẹ; wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Epic Games gbé Fortnite jáde fún Android láìgba ọwọ́ Google Play. Áàpù kékeré kan ló ń gba géèmù náà wálẹ̀. Google rí i pé ibi tí áàpù mìíràn lè fọwọ́ kàn ló ń kó fáìlì sí, àti pé lórí fóònù Samsung, orúkọ com.epicgames.fortnite nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Áàpù burúkú tó ti wà nínú fóònù lè fi ayédèrú tó ń jẹ́ orúkọ yẹn rọ́pò fáìlì náà, kí ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Epic tètè tún un ṣe nínú ẹ̀dà 2.1.0.

Ìbuwọ́lù inú fáìlì ni ẹ̀rí gidi. Bí ti ẹ̀dà tuntun bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, Android yóò kọ̀ ọ́. Má ṣe yọ áàpù àtijọ́ kúrò kí tuntun náà lè wọlé. Ṣùgbọ́n fífi sórí fóònù nígbà àkọ́kọ́ kò ní ohun tí a ó fi wé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe géèmù ni kí o ti gba àkọ́kọ́ yẹn, kí o sì gba àṣẹ tí o fún fóònù láti gba áàpù láti ibòmíràn padà lẹ́yìn rẹ̀.