Ìlà Ẹtù Tó Pòórá Lójú Fóònù

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè gbé fọ́tò ẹtù kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nínú fọ́tò tí kámẹ́rà yà, èèyàn lè ka ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ara aṣọ aró náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ nígbà tó dín fọ́tò náà kù, tó gbé e sórí intánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìlà yẹn di eérú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oníbàárà ń bi mí bóyá aṣọ náà ti ṣá ni."

Aṣọ ò ṣá. Fọ́tò náà fẹ̀ tó píksẹ́lì 6000, òun sì sọ ọ́ di 1200. Ìyẹn ni pé gbogbo píksẹ́lì 25 tó wà nítòsí ara wọn ni kọ̀ǹpútà pò pọ̀ di ẹyọ kan. Ìlà funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ bá aró tó yí i ká dàpọ̀, kò sì funfun mọ́. Gbogbo fọ́tò tí a bá dín kù ló ń rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tí a sì fi ń tún un ṣe ni Unsharp Mask, tó wà nínú Photoshop àti GIMP.

Láyé fíìmù, àwọn tó ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn a máa ṣe ẹ̀dà bàìbàì láti ara nẹ́gátíìfù, wọ́n á tò ó lé e lórí kí wọ́n tó tẹ fọ́tò. Ẹ̀dà bàìbàì yẹn ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà ń ṣe lónìí: ó ń fi fọ́tò wé ẹ̀dà bàìbàì tirẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti yàtọ̀ síra ni etí nǹkan wà, ibẹ̀ ló ń mú dúdú dúdú sí i, tó ń mú funfun funfun sí i.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lára ìlà ẹtù kan. Kọ̀ǹpútà ń ka ìmọ́lẹ̀ láti 0, tó dúdú kirikiri, dé 255, tó funfun báláú. Ká ní aró jẹ́ 80, ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ 160. Nínú ẹ̀dà bàìbàì, wọ́n á sún mọ́ra: 90 àti 150. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 10 lápá méjèèjì. Tí Amount bá jẹ́ 100%, gbogbo 10 yẹn la ó fi kún un: aró á di 70, ìlà á di 170. Tó bá jẹ́ 200%, wọ́n á di 60 àti 180. Bí a ṣe fẹ́ kí ó le tó ni Amount ń sọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Radius ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí òun ló ń sọ bí ẹ̀dà náà ṣe máa bàìbàì tó, àti bí àtúnṣe ṣe máa fẹ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Obìnrin náà ti gbìyànjú tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: 2 ló tẹ̀, torí pé nọ́ńbà tí ẹnì kan fún un nìyẹn fún fọ́tò tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sórí ìwé. Àwọn àmì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kéré, wọ́n sì sún mọ́ra gan-an, nítorí náà etí tó fẹ̀ díẹ̀ kì í hàn níbẹ̀. Àmọ́ nínú fọ́tò fífẹ̀ 1200, ìlà ẹtù kan lè má ju píksẹ́lì kan tàbí méjì lọ. Àtúnṣe tó fẹ̀ ju ìlà fúnra rẹ̀ lọ á ṣàn kan èyí tó tẹ̀ lé e. Mo fi ìka tọ́ etí gèlè rẹ̀ hàn án, níbi tó ti kan ojú ọ̀run: ìlà funfun kan yí i ká, bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Tí ẹ bá ti rí irú ìlà yẹn, Radius ti pọ̀ jù. Fún intánẹ́ẹ̀tì, láti 0.3 dé 0.6 ni mo máa ń lò.

Threshold ló kù, ojú èèyàn ni mo sì máa ń tìtorí rẹ̀ yí i. Ìyàtọ̀ tí kò bá tó iye tí ẹ fi síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á fi í sílẹ̀. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, fọ́tò àti ẹ̀dà rẹ̀ fi 1 péré yàtọ̀ síra. Tí Threshold bá jẹ́ 0, gbogbo ihò ara á yọ síta bí iyanrìn. Mo fi í sí 2, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì dán padà. Ká ní mo gbé e dé 12 ni, ìlà ẹtù wa tó fi 10 yàtọ̀ kò ní rí àtúnṣe kankan gbà.

Nítorí náà, a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò àkọ́kọ́. A kọ́kọ́ dín in kù sí 1200, torí pé tí a bá tún etí ṣe ṣáájú, dídín kù á tún pa á rẹ́. A tẹ Ctrl+1 kí Photoshop lè fi í hàn ní 100%, níbi tí píksẹ́lì kan ti jẹ́ píksẹ́lì kan. Lẹ́yìn náà ni a fi Amount sí 100%, Radius sí 0.5, Threshold sí 2. Nígbà tí a tọ́jú rẹ̀ sí JPEG, fáìlì náà wúwo díẹ̀ sí i, nítorí pé etí tó mú gba àyè ju èyí tó bàìbàì lọ.

Ó mú fọ́tò kejì wá, èyí tí ọwọ́ ayafọ́tò gbọ̀n nígbà tó ń yà á. Mo ní kó lọ tún un yà, torí ìlà tí kámẹ́rà kò rí, kò sí etí tí Unsharp Mask máa bá níbẹ̀.