Ṣé O Mọ̀? Òróró àti Epo Pupa, Ọmọ Ìyá Ni Wọ́n

Ṣé o mọ̀ pé púpọ̀ nínú òróró tí wọ́n tò sí ìsọ̀ ní ọjà Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, ọmọ ìyá epo pupa ni? Ara ẹyìn kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Iléeṣẹ́ ló fi amọ̀ kan fa àwọ̀ pupa kúrò lára epo, tó tún fi ooru tó ju ìwọ̀n 200 Celsius lọ lé òórùn rẹ̀ dànù. Wọ́n á wá jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ títí apá kan yóò fi dì, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Èyí tó dì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti bọ́tà, èyí tó ń ṣàn ni wọ́n ń rọ sínú ike fún wa. Ka ẹ̀yìn ike náà níbi tí wọ́n kọ èròjà sí. Bí o bá rí pámù ólíìnì, òróró ẹyìn lo rà. Bí o bá rí sóyà, irúgbìn mìíràn nìyẹn.

Èyí tí wọ́n ń wọ̀n láti inú kẹ́ẹ̀gì kò ní àkọlé kankan lára, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń pe òróró èyíkéyìí ní òróró ẹ̀pà. Bí o bá fẹ́ mọ òtítọ́, rọ díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí o gbé e sínú fíríjì di ọjọ́ kejì. Má gbé e sápá ibi tí omi ti ń di yìnyín o, torí níbẹ̀, òróró ẹ̀pà gan-an yóò dì. Òróró ẹyìn yóò ṣú, yóò sì dì funfun láti ìsàlẹ̀ wá. Sóyà yóò máa ṣàn bó ṣe ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Òróró ẹ̀pà wà láàárín méjèèjì: ó lè ki, ó lè ṣú díẹ̀, àmọ́ kì í sábà dì gbagidi. Bí ẹnìkan bá ti po méjì pọ̀, fíríjì kò lè sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí ohun tí wọ́n gba owó ẹ̀pà lé lórí bá dì bí ọ̀rá màlúù, o ti mọ ohun tí o rà.

Ṣé o mọ̀ pé nínú agbada, òróró ẹyìn tí owó rẹ̀ sábà máa ń kéré yìí ló máa ń pẹ́ jù? Ohun tó ń ba òróró jẹ́ lórí iná ni apá kan nínú ọ̀rá rẹ̀ tí kò lágbára lójú ooru àti afẹ́fẹ́. Nínú sóyà, apá yìí ju ìdajì lọ. Nínú òróró ẹ̀pà, ó tó bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan. Nínú òróró ẹyìn, bí ìdá mẹ́wàá kan ni. Ìdí nìyí tí alákàrà tó ń dín láti àárọ̀ fi máa ń rí i pé sóyà tètè ṣú, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ etí agbada bí oje igi, nígbà tí òróró ẹyìn ṣì ń ṣiṣẹ́. Òróró tó ti tán lágbára kì í fara pamọ́: ìfófòó rẹ̀ kì í lọ kódà bí o bá ti yọ àkàrà kúrò, ó máa ń yọ èéfín kí ooru tó mú dáadáa, òórùn rẹ̀ sì máa ń gún imú. Dà á nù. Àlékún òróró tuntun kò lè sọ ọ́ di tuntun; èyí tó ti bàjẹ́ ni yóò ba tuntun náà jẹ́.

Tí ó bá jẹ́ ọbẹ̀ ata tí o máa dín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Níbẹ̀, òróró ẹ̀pà tàbí sóyà dára gidigidi, pàápàá fún ẹni tí dókítà ti sọ fún pé kó ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ni irú èyí tó máa ń dì, tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dín kù. Nínú òróró ẹ̀pà, kò sábà ju bí ìdá márùn-ún kan lọ. Ní ti àkọlé tó ń kéde pé òróró kan kò ní kolẹsitẹ́róọ̀lù, kò sí òróró igi tàbí ti irúgbìn kan tó ní in débi tó fi yẹ kí a bìkítà. Má torí ìyẹn san owó lé e.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tí iléeṣẹ́ fà kúrò lára epo pupa ni òfin tún ní kí wọ́n dá padà? Àwọ̀ pupa yẹn ni ara wa máa ń sọ di Fítámìn A, tó ń ran ojú lọ́wọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2002 ni Nàìjíríà ti ń fi dandan lé e pé kí wọ́n fi Fítámìn A sínú òróró tí wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ ẹ́ run. Ike tó mọ́ gaara, tó ti jókòó sínú oòrùn níwájú ìsọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní kí wọ́n bá ọ mú èyí tó wà ní inú lọ́hùn-ún, nínú páálí.

Wàyí o, epo pupa fúnra rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé kíkan tó máa ń hanni lọ́fun nínú epo kan, láti inú ẹyìn ló ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fún epo rárá? Gbàrà tí ẹyìn bá ti ṣá lára, ohun kan nínú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́, yóò sì sọ ọ́ di kíkan. Sísè ló ń pa nǹkan náà. Àwọn tó bá sè é kíákíá lẹ́yìn tí wọ́n kó o wálé á rí epo tó ń ṣàn, tó dùn. Àwọn tó bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ pípẹ́ kó lè rọ̀, á rí epo líle tó kan. Epo kíkan yìí náà ló máa ń tètè yọ èéfín lórí iná. Nítorí náà, kí o tó béèrè iye, béèrè èyí: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni wọ́n fún epo yìí, ibo ló sì ti wá?” Ẹni tó mọ oko tí epo rẹ̀ ti wá yóò dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tọ́ ọ wò pẹ̀lú.

Omi inú epo rọrùn láti mú: gbé díẹ̀ kaná, bí ó bá ń ta pàràpàrà, omi wà níbẹ̀. Aró ló le. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Ghana rí aró Súdáánì, tí kì í ṣe ohun jíjẹ, nínú ọ̀pọ̀ epo pupa tí wọ́n yẹ̀ wò ní àwọn ọjà Àkrá. NAFDAC náà ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ níbí. Ojú kò lè dá a mọ̀ dájú, ilé àyẹ̀wò ló lè ṣe é. Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ìbéèrè tí mo kọ sókè yìí.

Ìyanu tó kù ni ti ọbẹ̀ Ọ̀fàdà, tí ìlú tó fún un lórúkọ wà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé níbí. Nígbà tí olọ́bẹ̀ bá gbé epo pupa kaná títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ló ń ṣe nínú ìkòkò. Fítámìn inú àwọ̀ náà bá a lọ. Adùn ni ó ń wá, kì í sì í ṣe ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́. Bí o bá fẹ́ ṣe é, lo epo tuntun tí kò kan, má jẹ́ kí epo kún ìkòkò ju ìdajì lọ, dé e pinpin, jẹ́ kí iná mọ níwọ̀n, má sì kúrò nídìí rẹ̀. Pa iná, kí o jẹ́ kí ó tutù dáadáa kí o tó ṣí i, torí èéfín tó wà nínú rẹ̀ lè gbiná bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Bó bá gbiná, má da omi sí i láéláé. Ńṣe ni omi yóò fọ́n iná náà káàkiri. Fi ìdérí bò ó, kí o pa sítóòfù.

Bí owó ọwọ́ rẹ kò bá ju ti ìgò méjì lọ lóṣù yìí, ra epo pupa tuntun fún ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gúsí, kí o ra òróró ẹyìn fún díndín. Òróró ẹ̀pà tí kò ní àkọlé, tí ẹni tó ń tà á kò sì jẹ́ kí o kọ́kọ́ mú díẹ̀ lọ dán wò, fi í sílẹ̀ fún un.