Lésíkì Tàbí Awò Ojú: Ìṣirò Tó Yẹ Ká Ṣe Kí Lésà Tó Kan Ojú

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi èmi akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ojú jù lọ ni èyí: "Ṣé mi ò lè lọ ṣe Lésíkì, kí n sì sọ awò yìí nù?" Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń béèrè ló rò pé owó nìkan ló dí àwọn lọ́wọ́. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé orí owó, ojú fúnra rẹ̀ ti ní èsì tirẹ̀. Àwọn kan wà tí dókítà tó mọṣẹ́ yóò sọ fún pé rárá, iye yòówù kí wọ́n gbé wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí awò àti lésà ń ṣe. Nínú ojú ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa, ìmọ́lẹ̀ máa ń pàdé níwájú rẹ́tínà dípò kó pàdé lórí rẹ̀. Awò máa ń tún ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà ṣe kó tó wọ ojú. Lésà ní tirẹ̀ máa ń tún kọ́níà ṣe, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú. Ó máa ń bó díẹ̀ kúrò láàárín rẹ̀ kó lè tẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ibí gan-an ni ìyàtọ̀ wà: bí nọ́ńbà awò bá yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, a ó ṣe awò mìíràn, ṣùgbọ́n kọ́níà tí lésà bá bó kúrò kì í hù padà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á kán oògùn sójú kó lè kú tipiri. Lésà àkọ́kọ́ á gé pẹlẹbẹ kan sójú kọ́níà, wọ́n á sì ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ṣí ojú ìwé. Lésà kejì á bó ìwọ̀n tí wọ́n ti ṣírò kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ yìí kì í sábà pé ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á wá dá pẹlẹbẹ náà padà sáyè rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ríran dáadáa láìlo awò. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Pí-Áà-Kéè. Wọn kì í gé pẹlẹbẹ níbẹ̀. Wọ́n á ha awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òkè kúrò, lésà á sì ṣiṣẹ́ lójú kọ́níà tààrà. Awọ òkè yìí máa ń hù padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú á ta ẹni, ìríran á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ́ délẹ̀.

Ìṣirò ló kù báyìí. Máíkírónì la fi ń wọn kọ́níà, ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan. Kọ́níà ọ̀pọ̀ ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 540 máíkírónì láàárín. Pẹlẹbẹ Lésíkì máa ń jẹ́ nǹkan bí 110. Bí ibi tí lésà yóò tún ṣe bá fẹ̀ tó mìlímítà 6.5, yóò bó nǹkan bí 14 máíkírónì kúrò fún dáyọ́pítà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé awò.

Ẹ mú ẹni tí awò rẹ̀ jẹ́ -3.00, tí kọ́níà rẹ̀ sì jẹ́ 540. Lésà yóò bó 42. Bí a bá yọ 110 àti 42 kúrò nínú 540, 388 ló kù sísàlẹ̀. Kò séwu ní ti ìyẹn.

Ẹ wá mú tèmi. Awò mi jẹ́ -8.00, kọ́níà mi sì jẹ́ 500. Lésà yóò bó 112. Bí a bá yọ 110 àti 112 kúrò nínú 500, 278 ló kù. Òfin àtijọ́ ni pé ohun tó kù kò gbọdọ̀ dín sí 250, nítorí náà ẹnì kan lè sọ pé mo yege. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà òde òní fẹ́ kó tó 300, wọ́n sì tún ń wo ìdá tí wọ́n fọwọ́ kàn nínú gbogbo kọ́níà. Tèmi jẹ́ 222 nínú 500, ó ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ibẹ̀ ni ewu sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìfúnpá tó wà nínú ojú kì í sinmi. Bí ohun tó kù kò bá lágbára tó láti gbà á dúró, kọ́níà lè bẹ̀rẹ̀ sí yọ síwájú bí ẹnu kóònù, ìríran á sì wó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìdí nìyẹn tí awò mi fi wà lójú mi.

Nínípọn nìkan kọ́ o. Àwọn kan ní àìsàn tí kọ́níà ń yọ síwájú bẹ́ẹ̀ láìsí pé lésà kàn án rárá. Kẹratokónọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́. Ẹni tó bá ní in kò gbọ́dọ̀ ṣe Lésíkì. Bí ojú bá máa ń yún yín tí ẹ sì máa ń fi ọwọ́ ra á gidigidi, tí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ CYL nínú ìwé awò yín ń lọ sókè lọ́dọọdún, tàbí tí awò tuntun kò jẹ́ kí ẹ ríran kedere, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìrísí kọ́níà ló lè fi í hàn nígbà tí kò tíì le. Ibi tí wọn kò bá ti ya àwòrán yìí kí wọ́n tó dá yín lóhùn, ẹ yáa kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń lo lẹ́ǹsì inú ojú gbọ́dọ̀ yọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó yà á, torí lẹ́ǹsì náà máa ń yí ìrísí kọ́níà padà.

Àwọn mìíràn kàn ní láti dúró ni. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń yí padà lọ́dọọdún, aboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn wà lára wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń gbẹ ní láti kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, nítorí gígé pẹlẹbẹ ń gé àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń ti omijé jáde. Gbígbẹ ojú fún oṣù mélòó kan wọ́pọ̀ lẹ́yìn Lésíkì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní pàtó. Gulokómà wọ́pọ̀ láàárín wa, wíwọn ìfúnpá ojú sì wà lára ohun tí a fi ń tètè ṣọ́ ọ. Kọ́níà tí lésà ti mú fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ka ìfúnpá sí kékeré ju bó ṣe rí lọ. Ẹni tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní gulokómà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá sì ti ṣe Lésíkì, kó fi ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ rẹ̀ pamọ́, kó máa sọ fún gbogbo dókítà ojú tó bá rí i, títí di ọjọ́ alẹ́.

Lákòótán, Lésíkì kì í dá ọjọ́ orí dúró. Nígbà tí ènìyàn bá lé ní 40, lẹ́ǹsì àdáyébá inú ojú máa ń le, ìwé kíkà á sì nira. Ẹni tó ń lo -2.50 lè bọ́ awò rẹ̀ nígbà náà kó sì ka ìwé ìròyìn. Bí ó bá ti fi lésà tún un ṣe, awò ìkàwé ni yóò rà. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń gbà, ẹ béèrè nọ́ńbà mẹ́ta yìí: báwo ni kọ́níà mi ṣe nípọn tó, mélòó ni ẹ máa bó kúrò, mélòó ló máa kù?