Ohun Tó Ń Dí Wáí-Fáì Lọ́wọ́ Nínú Ilé

Máíkíróweefù, fóònù aláìlókùn àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ọmọ láti yàrá mìíràn lè dí Wáí-Fáì lọ́wọ́, nítorí pé ojú ọ̀nà rédíò kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Ọ̀nà yìí bẹ̀rẹ̀ láti mẹgahásì 2400 dé 2500. Láti ọdún 1947 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, ti sáyẹ́ǹsì àti ti ìṣègùn máa lò ó. Wáí-Fáì bá wọn níbẹ̀ ni, ó sì ní láti fara da ariwo wọn.

Nínú àwọn mẹ́ta yìí, máíkíróweefù ló lágbára jù. Agbára tó fi ń gbóná oúnjẹ lè tó wáàtì 1000. Àpótí onírin rẹ̀ àti àwọ̀n tó wà lára gíláàsì ilẹ̀kùn ló ń dá ìgbì náà dúró, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń jò ní etí ilẹ̀kùn. Bí ìdá kan péré nínú ẹgbàárùn-ún bá jò, ìdá kan wáàtì mẹ́wàá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ ráútà fi ń ránṣẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irú jíjò bẹ́ẹ̀ kì í pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n ariwo ńlá ni fún ráútà.

Kí ẹ̀rọ Wáí-Fáì tó ránṣẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá ẹlòmíràn ń lo ọ̀nà. Bó bá gbọ́ ariwo, á dúró. Bí ariwo bá ba iṣẹ́ tó ti ń lọ jẹ́, á tún un rán, á sì máa dín eré kù. Ìdí nìyí tí fídíò fi máa ń dúró fẹ́ẹ̀, tí á tún tẹ̀ síwájú, dípò kó kú pátápátá. Máíkíróweefù àtijọ́ tó ń lo tiransifọ́mà kì í pariwo léraléra: níbi tí iná mànàmáná bá jẹ́ hásì 50, bíi ti Nàìjíríà àti Bírítéènì, ó ń pariwo fún bí ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, á sì dákẹ́ fún bẹ́ẹ̀. Àárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Wáí-Fáì ń yọ́ gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí ráútà wà lórí sẹ́ẹ̀fù ìdáná, tí máíkíróweefù wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà sì wà ní pálọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Windows tó wà lórí Wáí-Fáì 2.4 GHz, a ó tẹ àṣẹ yìí, a ó sì fi nọ́ńbà ráútà ilé wa rọ́pò tibí bí kò bá bá a mu:

```
ping -t 192.168.1.1
```

Bí ilé bá pa rọ́rọ́, ìdáhùn á máa padà láàárín ìwọ̀nba ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Kí a wá gbé ife omi sínú máíkíróweefù, kí a tàn án fún ìṣẹ́jú méjì. A kì í tan án lófìfo. Bí nọ́ńbà bá fò sókè sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tàbí tí `Request timed out` yọjú, tí gbogbo rẹ̀ sì padà sípò gẹ́rẹ́ tí máíkíróweefù dákẹ́, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Bí kò bá yí padà, ibòmíràn ni kí a wá a sí.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni kí a gbé ráútà kúrò ní ìdáná lọ sí pálọ̀, kí máíkíróweefù má sì sí láàárín òun àti kọ̀ǹpútà mọ́. Èyí tó dára jù ni kí a bọ́ sí 5 GHz, níbi tí ariwo máíkíróweefù kò dé. Àléébù rẹ̀ ni pé ògiri búlọ́ọ̀kù tètè máa ń dá a dúró, nítorí náà yàrá tó jìnnà lè máà rí i gbà dáadáa. Ohun èlò tí kò mọ̀ ju 2.4 GHz lọ, kí a yí ráútà sí ṣánẹ́ẹ̀lì 1 fún un: mẹgahásì 2412 ni àárín rẹ̀, ó sì jìnnà sí àárín ariwo máíkíróweefù ju ṣánẹ́ẹ̀lì 11 lọ. Tẹlifíṣàn tàbí kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lójú kan, wáyà ló yẹ ẹ́ jù.

Ti ẹ̀rọ ìṣọ́mọ yàtọ̀, nítorí pé òru mọ́jú ló fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ lọ́nà àtijọ́ lórí 2.4 GHz máa ń jókòó sórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan láìdákẹ́ rárá. Kí a gbé ráútà sí ṣánẹ́ẹ̀lì tó jìnnà sí tiwọn. Àwọn mìíràn, àti àwọn fóònù aláìlókùn kan, ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn lórí 2.4 GHz, nítorí náà yíyí ṣánẹ́ẹ̀lì kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà tuntun, kí ó wá èyí tí wọ́n kọ DECT sí lára páálí, nítorí ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Wáí-Fáì: mẹgahásì 1880 dé 1900 ní Yúróòpù, 1920 dé 1930 ní Amẹ́ríkà. Kí ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù má sì gba èyí tí ará ilé rà fún un ní Amẹ́ríkà, nítorí ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká ni yóò já sí níbẹ̀, òfin Bírítéènì kò sì gbà á láyè.